"MA MU": ẹ bá mi wo lébẹ́ẹ̀lì bílíìṣì mi kí n tó gbé e fún atẹ̀wé

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń po bílíìṣì tà nínú ìgò ìdajì lítà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì mi, bẹ́ẹ̀ àwọn tó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi kì í kà á. Mo fẹ́ fi Yorùbá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àyè tó kù kò sì ju ìlà márùn-ún lọ. Atẹ̀wé ní kí n má fi àmì sí i, pé àmì máa ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí mo kọ nìyí:

MA MU
MA PO MO OOGUN IMOTOTO MIIRAN
O LE BA AWO JE
TI O BA KAN OJU, FI OMI FO OJU
TI OMO BA GBE MI, MA JE KO BI

Ṣé ó yé èèyàn bẹ́ẹ̀?

---

Bọ̀dá Ṣọlá

Ìyá Ìbejì, ẹ ti fẹ́ pa wá! Ohun tí èmi kà ní ìlà àkọ́kọ́ ni "Máa mu". Mo ní, bílíìṣì tí wọ́n ní ká máa mu, irú èwo nìyẹn? Kò le rárá: ẹ fi ṢE sí i. "MA SE MU." Kò sẹ́ni tó máa ka "máa ṣe mu". Ìlà tó kù dára.

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Ṣọlá, òótọ́ ni ti ìlà kìíní, ṣùgbọ́n ìlà tó kù kò dára o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń túmọ̀ ìwé ara oògùn àti ti ara ọṣẹ, mo sì mọ̀ pé ohun tí ojú oníbàárà ń rí kì í ṣe ohun tí èmi kọ. Mo lè fi gbogbo àmì sí i lórí kọ̀ǹpútà mi. Tó bá dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àmì lọ. Kódà bí àmì bá wà níbẹ̀, ẹni tó ń sáré ka nǹkan lọ́jà kò wo orí lẹ́tà. Nítorí náà, tí mo bá kọ ìkìlọ̀ tán, mo máa ń pa gbogbo àmì rẹ̀ rẹ́, títí kan tìsàlẹ̀, kí n tó tún un kà. Ọ̀rọ̀ tó bá di méjì lójú mi nígbà yẹn, mo pààrọ̀ rẹ̀. N kò ní dúró máa bá atẹ̀wé jà.

Ẹ wá wo ìlà kẹta: O LE BA AWO JE. Ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ á kà á sí awọ, ìyẹn ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ á kà á sí àwọ̀ aṣọ. Ìyàwó ilé tó fẹ́ fi fọ abọ́ á kà á sí àwo. Lórí bílíìṣì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́gbọ́n mu, ìyẹn gan-an ló fi burú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ló bọ́gbọ́n mu, òye á fà á yọ fúnra rẹ̀. Ìyá Ìbejì, èwo lẹ ní lọ́kàn?

Ìlà karùn-ún náà ńkọ́: GBE MI. "Tí ọmọ bá gbé mi." Kí ọmọ gbé ta ni?

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Ẹ̀rín pa mí! Awọ ara ni mo ní lọ́kàn o. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa aṣọ aláràbarà náà dà, mo kàn rò pé gbólóhùn kan á gbé méjèèjì.

---

Déjì Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe. Mo lè bá yín kọ èyí tó máa dùn létí: "Bílíìṣì Ìyá Ìbejì, a-lé-àbàwọ́n-sá, aṣọ rẹ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú!" Ẹ fi sí iwájú ìgò gbàǹgbà. Yorùbá fẹ́ràn oríkì.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Déjì, ẹ ṣeun, ó dùn lóòótọ́, mo máa fi sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni mò ń béèrè o, kì í ṣe ìpolówó.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Èmi tí wọ́n ń bú ti dé. Kì í ṣe pé a kórìíra àmì. Nígbà tí oníbàárà bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú CorelDRAW, fọ́ǹtì tí mò ń lò lè má ní ẹ tàbí ọ alámì lórí àti nísàlẹ̀. Lẹ́tà á di àpótí ṣófo, tàbí kí àmì orí rẹ̀ yẹ̀ sórí lẹ́tà kejì. Ọmọọṣẹ́ tó bá rí àpótí ṣófo á kàn tẹ "e" àti "o" lásán rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ á sì lọ.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí ẹni tó kọ ọ́ fi fọ́ǹtì tó ní gbogbo lẹ́tà Yorùbá tò ó, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kó tó fi ránṣẹ́. Nínú CorelDRAW, `Ctrl+Q` ni. Látìgbà yẹn lọ, fọ́ǹtì tèmi kò lè ba nǹkan kan jẹ́ mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dàánù mọ́. Ẹ ní láti padà sí orísun.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ̀yin tó ń kọ̀wé kò mọ̀. Bí àyè bá fún, a máa ń ṣẹ́ ìlà síbi tó bá bọ́ sí. Mo ti rí i rí tí "A KO GBODO" parí ìlà òkè, tí "MU UN" sì dá dúró nísàlẹ̀, gàdàgbà. Ẹni tó wò ó láti òkèèrè rí "Mu ún". A tún máa ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kó lè gba àyè: "E KO GBODO" di "EKO GBODO". Oníbàárà kan bi mí bóyá ẹ̀kọ ni àbí Èkó.

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ti Ṣọlá tán. "Má ṣe" dára ju "má" lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ọmọọṣẹ́ bá ṣẹ́ ẹ kù, MA ló máa kù, MA sì ni ẹgbẹ́ "máa". "Kò gbọdọ̀" gùn jù ú lọ, síbẹ̀ kò ní ìbejì. Pa àmì rẹ̀ rẹ́, sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá, ìkìlọ̀ ṣì ni, bí ẹ kò bá ti ṣẹ́ ẹ sí ìlà méjì. Tí àyè bá wà fún ìlà márùn-ún péré, ìlà tó lè pa èèyàn ni kí ẹ fún ní "kò gbọdọ̀". Ẹ fi "má ṣe" sí àwọn tó kù.

Ìlà kejì ni mo fẹ́ dúró lé. "Oògùn ìmọ́tótó mìíràn" jẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí ni oògùn ìmọ́tótó? Ọṣẹ ni? Àwọn èèyàn ti ń da bílíìṣì mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó kú. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá wá dà bí ẹni pé ó ń kọ ọṣẹ, oníbàárà á ní irọ́ ni, kò sì ní gba ìyókù gbọ́. Ohun tó léwu ni ásíìdì. Omi ìfọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní ásíìdì nínú. Tó bá pàdé bílíìṣì, afẹ́fẹ́ kílórínì ló máa jáde, ọ̀nà ọ̀fun á sì dí ẹni tó wà nínú ilé ìwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé. Ọtí kíkan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe irú rẹ̀. Ìyá mi máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ ìpẹta lára aṣọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ lójú mi.

Ẹ dárúkọ nǹkan. "Ẹ kò gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ omi ìfọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí omi ọsàn." Ó kúrú ju tiyín lọ ní òye, bó tilẹ̀ gùn jù ú lọ lórí ìwé.

---

Bọ̀dá Ṣọlá

Ògbufọ̀, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ṣé ìtumọ̀ ṣì nìyẹn? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí o bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọ́n á ní kí o yọ ọ́. Wọ́n á fún ẹlòmíràn ní Yorùbá rẹ kó tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí kò bá sì bá ti àkọ́kọ́ mu, o jẹ̀bi.

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Àléébù títú padà ni pé ẹni tó ń tú u jókòó, ó fọkàn balẹ̀, ó ní ìwé alámì níwájú, ó sì ti mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Fún un ní MA MU, á kọ "do not drink" sílẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdánwò yẹn kò lè rí àṣìṣe Ìyá Ìbejì láéláé.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ìlà karùn-ún ló kó mi láyà sókè, ẹ sì ti fò ó. "Má jẹ́ kó bì." Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń wí, ìyá tí ẹ̀rù ti bà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa yé e ni pé kò gbọdọ̀ sí èébì rárá. Á di ọmọ lẹ́nu mú! Á gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa jáde, èébì á sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe fi ipá mú ọmọ bì. Tó bá ń bì fúnra rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Ìdí tí a kò fi fẹ́ ẹ ni pé bílíìṣì tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀.

Nǹkan kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì yín kò sọ nítorí ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ará ibí: epo pupa. Ọmọ mu kẹrosíìnì, epo pupa. Ọmọ mu bílíìṣì, epo pupa. Mo ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí àyà aṣọ rẹ̀ pọ́n fún epo, tí ọmọ náà sì ń mí gúlegúle. Kẹrosíìnì díẹ̀ tó wà níkùn kì bá tí ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Epo ló jẹ́ kó bì, èébì ló gbé kẹrosíìnì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kọ "epo" síbẹ̀. "Má fi ipá mú un bì" kò tó, torí ìyá ọmọ kò ka epo sí ohun tó ń múni bì. Oògùn ló kà á sí.

---

Bọ̀dá Ṣọlá

Tí NAFDAC bá wá béèrè ibi tí epo pupa ti wá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi epo sínú Gẹ̀ẹ́sì ná?

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Èmi á ṣe bẹ́ẹ̀: kí Gẹ̀ẹ́sì náà ní "do not give palm oil", kí méjèèjì bára mu. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn akẹgbẹ́ mi tí wọ́n á ní iṣẹ́ ògbufọ̀ kọ́ nìyẹn, pé kí n kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ọjà kí n sì dákẹ́. Èmi àti wọn kò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.

---

Túndé Mẹkáníìkì

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ ya agbárí àti egungun méjì síbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tán.

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Túndé, ní ọdún 1971, wọ́n kó irúgbìn ọkà wíìtì láti Mẹ́síkò lọ sí Ìráàkì. Wọ́n ti fi májèlé mẹ́kúrì pa á lára kí olú má bàa jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀; gbígbìn ni wọ́n ní kí wọ́n gbìn ín. Èdè Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ ara àpò rẹ̀. Agbárí àti egungun wà níbẹ̀, kò sì yé àwọn àgbẹ̀ náà. Wọ́n tún rẹ ọkà náà láró pupa kó lè dá yàtọ̀. Àwọn èèyàn fọ aró náà dànù, wọ́n rò pé májèlé ti bá a lọ, wọ́n sì fi ọkà ṣe búrẹ́dì. Iye tí ìjọba kà ni 459 tó kú àti ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ ya àwòrán, kò burú. Ṣùgbọ́n àwòrán agbárí kò sọ bóyá mímu ló ń pa ni, bóyá fífọwọ́kàn ni, tàbí pé fífọ̀ kò lè yọ ọ́.

---

Ará Kétu

Ẹ kú o, láti Bẹ̀nẹ̀. Faransé ló wà lára tiwa, ìyà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan: Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ni níbí ń lo ɔ àti ɛ dípò lẹ́tà aláàmì ìsàlẹ̀. Atẹ̀wé kò lè yọ àmì tí kò sí. "Awɔ" kò lè di "awo" kìkì nítorí pé wọ́n yọ àmì. Ohùn orí rẹ̀ ṣì ń sọnù o, nítorí náà awɔ ara àti awɔ aṣọ ṣì ń bá ara wọn jà.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mo tún padà wá nítorí ojú. FI OMI FO OJU. Yàtọ̀ sí pé ó lè di "fọ́ ojú", ẹ ti gé ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá ní kí èèyàn fọ ojú, á bu omi lẹ́ẹ̀kan, á nu ún, ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí omi fi máa dà sí i. Ẹ yọ ohunkóhun mìíràn tó bá wù yín, ẹ má yọ 15 yẹn.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Mo kọ tuntun, mo sì mú un lọ sọ́jà Bódìjà láìsí àmì rárá, gẹ́gẹ́ bí Ògbufọ̀ ṣe wí. Obìnrin mẹ́jọ ni mo fi hàn. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ló ní ó yé wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò tiẹ̀ tíì gbé ìgò sókè.

---

Ògbufọ̀ Orí Àkéte

Ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sọ níwájú èèyàn pé kò yé òun? Ẹ gbé ìgò lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ ní: "Ọmọ yín ti mu nínú rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ ṣe é kí n rí i." Kí ẹ sì dákẹ́.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Mo ti ṣe é lánàá, mo mà rí nǹkan. Ìlà mímu kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ìlà ojú, mẹ́fà nínú mẹ́jọ sọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn méjì tó kù kò rí i kà nítorí lẹ́tà kéré. Ti ọmọ ló yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kọ ni "E KO GBODO FUN UN NI EPO TABI FI IPA MU UN BI." Màmá kan kà á tán, ó ní "ó dáa, n kò ní fún un ní epo, mílíìkì ni màá fún un." Òmíràn ní, kí wá ni kí òun ṣe? Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe nìkan ni mo sọ.

---

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣe é. Ẹ fi ohun tí wọ́n máa ṣe ṣáájú. Kí wọ́n fi omi ṣan ẹnu ọmọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíá, kí wọ́n mú ìgò dání. Ìgò yẹn ṣe pàtàkì. Wọ́n máa ń gbé ọmọ wá, wọ́n á ní "ó mu nǹkan kan," a ò ní mọ ohun tí a máa tọ́jú.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Èyí tí mo fẹ́ gbé lọ fún atẹ̀wé nìyí. Mo ti tò ó pẹ̀lú àmì, mo sì ti tẹ `Ctrl+Q`:

FÚN AṢỌ FUNFUN NÌKAN. Ó LÈ ṢE ARA LÉṢE.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MU ÚN.
Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ DÀ Á PỌ̀ MỌ́ OMI ÌFỌ TỌ́ÍLẸ́Ẹ̀TÌ TÀBÍ OMI ỌSÀN.
TÓ BÁ KAN OJÚ: Ẹ DA OMI SÍ I FÚN ÌṢẸ́JÚ 15.
TÍ ỌMỌ BÁ MU ÚN: Ẹ FI OMI ṢAN ẸNU RẸ̀, Ẹ GBÉ E LỌ SÍ ỌSIBÍTÙ PẸ̀LÚ ÌGÒ YÌÍ. Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ FÚN UN NÍ EPO TÀBÍ FIPÁ MÚ UN BÌ.

Mo yọ àwòrán ìkòkò òdòdó tó wà tẹ́lẹ̀ kúrò kí àyè lè gbà á. Mo sì ti fi epo sínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà.

---

Bọ̀dá Ṣọlá

Ó dára. Mo ṣì rò pé "má ṣe mu" ì bá ti fún yín láyè sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ìgò.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí ìlà kejì dá dúró, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ ẹ. Ìyá, ìbéèrè kan: mo rí i ní iwájú pé "ìdérí kan sí garawa omi kan". Ṣé ìgò yìí kan náà ni tàbí ìgò tuntun olórí búlúù tí gbogbo yín ń rà báyìí? Ìdérí rẹ̀ tóbi o.

---

Ìyá Ìbejì Ọlọ́ṣẹ

Háà. Olórí búlúù ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí méjèèjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìfúnni-lóògùn ọmọ mi báyìí: ti àtijọ́ gba mílílítà 10, tuntun gba 18. Ẹ dá iṣẹ́ yẹn dúró ná.